Ògbufọ̀ Kì í Bù Mọ́ Ọn, Kì í Yọ Níbẹ̀

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Sípáníìṣì ni mo máa fi ṣàlàyé, torí kò jìnnà sí wa: òun ni wọ́n ń sọ ní Málábò, ní orílẹ̀-èdè Gínì Alágedeméjì.

Ká ní oníṣòwò kan ti Málábò wá tẹ káàdì ní Ṣómólú, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Kọ̀ǹpútà oníṣọ́ọ̀bù já bọ́, ojú rẹ̀ fọ́. Wọ́n mú àlejò náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Bàríga pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Kò gbọ́ Òyìnbó, kò gbọ́ Yorùbá. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, abala 36 fún un ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ọlọ́pàá fi Yorùbá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó dáhùn, bí a ṣe ń pè é lẹ́nu: "Se me kayó." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Tó bá jẹ́ pé òun ló jù ú ni, "Lo tiré" ni ì bá wí. Ògbufọ̀ tó ń kánjú lè ní "Mo jù ú sílẹ̀." Ẹ wò ó, ìjàǹbá ti di àmọ̀ọ́mọ̀ṣe nìyẹn! Èyí tí àánú ń ṣe lè ní "Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ forí jì mí." Ẹ̀bẹ̀ yẹn kò ti ẹnu ọkùnrin náà wá, ó sì lè dún bí ẹni tó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Bó bá sì bú oníṣọ́ọ̀bù, ògbufọ̀ á sọ èébú náà bó ṣe wà.

Ẹ kíyè sí i pé "mi" ni ògbufọ̀ lò, kò ní "ó ní ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́." Ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yá.

Ká ní ó tún sọ pé "mi ermano" wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ìyá òun ọkùnrin ló ń wí, ṣùgbọ́n Sípáníìṣì kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Bí ògbufọ̀ bá mú ọ̀kan, ó ti bù mọ́ ọn. Kó kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Ògbufọ̀ fẹ́ bi í bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò."

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ti wọ́? Bí afurasí bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, tí ògbufọ̀ sì sọ "Ó ní rárá" péré, nǹkan ti sọ nù. Nítorí náà, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ògbufọ̀ ka gbogbo rẹ̀ padà fún un ní Sípáníìṣì. Bó bá gbọ́ "lo tiré" níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á pariwo pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀.