Kòkòrò Inú Àpòlúkù àti Èémí Tó Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan kọjá rí, irú èyí tí wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí o" sí, tí àwọn èèyàn sì ń tọ̀ síbẹ̀ náà. Tí oòrùn bá mú, òórùn kan máa ń ti ibẹ̀ wá tó ń ta èèyàn nímú, tó ń mú kí omi bọ́ lójú. Ìtọ̀ tuntun kì í rùn bẹ́ẹ̀. Yúríà ló wà nínú ìtọ̀, yúríà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò-àpò láti fi bọ́ àgbàdo. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nílẹ̀ ló ń fọ́ yúríà yìí. Nǹkan méjì ló ń jáde tí wọ́n bá ti fọ́ ọ: amóníà, èyí tó ń ta nímú, àti kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, tí àwa náà ń mí jáde ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ògiri yẹn sọ́kàn o, a máa padà síbẹ̀.

Ọgbẹ́ inú, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ́sà, jẹ́ egbò tó dá sí ara àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, tàbí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tó tẹ̀ lé e. Nílé wa, ebi àti ata la máa ń dì í rù. "O kì í tètè jẹun" ni ìyá yóò kọ́kọ́ sọ fún ọmọ tó bá ń di inú mú. Àwọn dókítà òyìnbó náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Àròjù àti ásíìdì tó pọ̀ jù ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ronú kan kòkòrò, nítorí omi kíkan inú àpòlúkù le débi pé wọ́n gbà pé kò sí kòkòrò tó lè fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ní 1979, Robin Warren, dókítà tó ń fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo ẹran ara ní ilé ìwòsàn Royal Perth ní Ọsirélíà, rí àwọn kòkòrò tó tẹ̀ kọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà. Ní 1981, dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbìyànjú láti sìn kòkòrò náà nínú àwo, kò hù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń fún àwo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dà á nù. Nígbà ọdún Àjíǹde 1982, wọ́n fi àwọn àwo kan sílẹ̀ kọjá ìsinmi, ìgbà tí wọ́n sì dé, kòkòrò ti hù. Kò hù tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọn kì í ní sùúrù dúró dè é. Helikobákítà pílórì ni wọ́n wá ń pè é lónìí.

Wọ́n ní kòkòrò yìí ló ń fa ọgbẹ́ inú, àmọ́ àwọn èèyàn kò gbà. Ní 1984, Marshall gbé ife tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, ó sì mu ún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ ń rin, ó ń bì. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, ara àpòlúkù rẹ̀ ti wú, ó pọ́n, kòkòrò sì kún ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ọgbẹ́ ló dá sí i lára. Wíwú ló wú, ìyẹn sì ni ìpele tó máa ń ṣáájú ọgbẹ́. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Báwo ni kòkòrò yìí ṣe ń gbé nínú ásíìdì? Ògiri yẹn náà ni. Yúríà díẹ̀ máa ń wà nínú àpòlúkù gbogbo wa. Kòkòrò náà ní èròjà kan tó ń jẹ́ yúríéèsì, òun ló fi ń fọ́ ọ di amóníà, amóníà yìí sì ń pa ásíìdì tó yí i ká, bí ìgbà tí èèyàn bu eérú sí nǹkan tó kan. Abẹ́ ààbò yìí ló fi ń wẹ̀ wọ inú ikun tó bo ara àpòlúkù, ibẹ̀ ló sì ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtikékeré lọ̀pọ̀ ti ń kó o, láti ẹnu sí ẹnu tàbí nípa omi àti oúnjẹ tí ìgbọ̀nsẹ̀ ti kàn. Kì í ṣe òun gan-an ló ń gbẹ́ ihò sí wa lára. Ó ń mú kí ibẹ̀ wú, ààbò ibẹ̀ á wá yẹ̀, ásíìdì tiwa fúnra wa á sì jẹ ara náà wọnú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò ní ọgbẹ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé oògùn ara ríro ló fà á, irú bí áíbúpúrófẹ́nì, dáíkílófínákì àti asipirín-ìn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ká tó dá a lẹ́bi.

Àyẹ̀wò wá nìyí, iṣẹ́ kan náà tó ń gba kòkòrò yìí là ló ń tú u fó. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ kì í fọ́ yúríà. Nítorí náà, wọ́n á ní kí ẹ fẹ́ èémí sínú àpò kékeré kan lẹ́yìn tí ẹ kò tíì jẹun fún wákàtí bíi mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mu yúríà tí wọ́n fi kábọ́nì 13 ṣe, èyí tó wúwo díẹ̀ ju kábọ́nì tí gbogbo wa mọ̀ lọ, kò sì ní ewu kankan. Ẹ ó jókòó fún bí ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n, ẹ ó sì tún fẹ́ èémí sínú àpò kejì. Bí kòkòrò bá wà nínú, á ti fọ́ yúríà náà, kábọ́nì tó wúwo yẹn á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rọ á sì rí i nínú èémí kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí kò bá sí kòkòrò, yúríà náà á kàn gba inú ara kọjá lọ láìfọ́.

Ibi tí wọn kò bá ti ní ẹ̀rọ yìí, àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ wà, tó ń wá èérún ara kòkòrò náà, ó sì ṣeé gbára lé. Ẹni tí wọ́n bá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n lè gé ẹran ara bíńtín sínú èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ní yúríà. Bó bá di pupa rẹ́súrẹ́sú, amóníà ti jáde nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì rọrùn láti rà ni ti ẹ̀jẹ̀, òun sì ni mi ò fẹ́ràn. Ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Kò lè sọ fún yín bóyá ìjà náà ṣì ń lọ tàbí ó ti parí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí inú máa ń jí lóru. Àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé kò sí kòkòrò. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ yìí?"

"Oméépírásóòlù ni, ọmọ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Òun ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Àṣìṣe náà nìyẹn. Oméépírásóòlù ń dín ásíìdì kù, kòkòrò náà á sì dín kù tàbí kó sá wọ ibòmíràn, àyẹ̀wò èémí àti ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì ní rí i dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí èèyàn fi dá a dúró ṣáájú. Oògùn apakòkòrò àti bísímọ́ọ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ìyá náà dá tirẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń mu oògùn funfun olómi tí wọ́n fi ń pa ásíìdì bí inú bá ta á jù, ó sì padà wá. Kòkòrò wà níbẹ̀.

Oògùn kan ṣoṣo kò lè pa á tán. Ikun tó sá pamọ́ sí kì í jẹ́ kí oògùn kàn án bó ṣe yẹ, ó sì tètè ń mọ oògùn lò. Mẹtironidásóòlù tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ní hóró mẹ́ta nígbàkígbà tí inú bá ṣu, a ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ lára àwọn kòkòrò yìí bí wọ́n ṣe ń yè é. Àpapọ̀ kilaritomáísìnì, amọksisílínì àti oméépírásóòlù tó ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ náà ti ń kùnà ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, dókítà ìyá yìí fún un ní mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́rìnlá: oméépírásóòlù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ṣáájú oúnjẹ, kí ásíìdì lè rọlẹ̀ kí àwọn yòókù lè ṣiṣẹ́, pẹ̀lú bísímọ́ọ̀tì, tẹtirasáíkílìnì àti mẹtironidásóòlù, tí a ó máa lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Kò rọrùn. Oògùn yìí máa ń mú kí ẹnu kan bí ẹni lá irin. Tẹtirasáíkílìnì kò bá wàrà lọ, aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Mẹtironidásóòlù kò fẹ́ ọtí rárá, paraga àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ sì jẹ́ ọtí.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Bísímọ́ọ̀tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ahọ́n náà sì lè dúdú. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani ni ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tí òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé gbà mọ́ra, tàbí kí èèyàn máa bì ẹ̀jẹ̀, kí òyì máa kọ́ ọ. Ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń rù láìnídìí, tàbí tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, kámẹ́rà ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, inú ti dákẹ́, ìyá náà sì fẹ́ fi oògùn yòókù pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Oméépírásóòlù ló mú inú dákẹ́, kò sọ ohunkóhun nípa kòkòrò. Bó bá dá a dúró níbẹ̀, èyí tó le jù lára wọn ló máa ṣẹ́ kù, oògùn kan náà kò sì ní ran wọ́n mọ́.

Ìyá náà kò dá a dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ó parí ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ni àyẹ̀wò ìparí tètè tọ́ sí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ó sì ti dá oméépírásóòlù dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ti ẹ̀jẹ̀ kò wúlò níbí rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo oògùn yìí tán rí tí ẹ kò padà lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti lo oògùn náà tán, tó sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti dá oméépírásóòlù dúró.