Bí Fáìlì Òní Bá Jọ Ti Àná Láìyẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Agbowó, pàápàá ẹ̀yin tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn san owó fọ́ọ̀mù ilé-ìwé òkè òkun, ẹ gbọ́ tèmi. Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà yín ń fa fáìlì iye owó ilẹ̀ òkèèrè wálẹ̀, tí ẹ sì ń fi í ṣírò náírà tí oníbàárà máa san. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fáìlì náà máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì máa jẹ́ ti àná gẹ́lẹ́. Kò ní sí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago tó wà lára fáìlì. Ìgbà tí ẹ kọ ọ́ sórí dísìkì yín ló máa ń sọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé déètì inú rẹ̀ nìkan, torí ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè ti ní kí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ máa kọ déètì òní sí i, bí iye inú rẹ̀ tiẹ̀ gbó. Bí déètì bá wà ní òpó àkọ́kọ́, ẹ gé e kúrò, ẹ to ìlà yòókù, kí ẹ wá gba òǹtẹ̀ rẹ̀:

```
cut -d, -f2- rates.csv | sort | sha256sum
```

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa jáde. Bí kọ́bọ̀ kan bá yí nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ ló máa yàtọ̀. Ẹ máa kọ ti ojoojúmọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ sì fi tòní wé gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, kì í ṣe tàná nìkan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé bí sẹ́fà púpọ̀ bá ń jẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn lè gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún yín.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó dọ́gba kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, ti ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wà níbẹ̀. Ìsinmi Iléyá àti ti Ìtúnu Ààwẹ̀ tún le jù, torí ìjọba kì í kéde wọn títí ọjọ́ á fi sún mọ́lé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ wọ́n sínú kàlẹ́ńdà.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ ni ti dọ́là. Láti nǹkan bí Oṣù Ẹrẹ́nà 2015 títí di àárín Oṣù Òkúdu 2016, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà di dọ́là kan mú sí bíi 197 sí 199 náírà. Ẹni tó bá ń wo òpó dọ́là nìkan nígbà náà máa rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí fún oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì rẹ̀ lè jẹ́ tuntun. Bí ìkìlọ̀ bá ń dún lójoojúmọ́ lásán, á sú u, á pa á. Lọ́jọ́ Ajé, 20 Oṣù Òkúdu 2016, báńkì náà tú u sílẹ̀, dọ́là sì kọjá 280 náírà lọ́jọ́ kan náà. Ká ní fáìlì ọjọ́ Ẹtì ló ṣì wà nílẹ̀: fọ́ọ̀mù dọ́là 100 á máa jẹ́ 19,700 náírà, nígbà tó ti lé ní 28,000 ní báńkì. Ta ló máa san ìyókù? Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni.

Pọ́n-ùn àti yúrò ló yẹ kí onítọ̀hún máa wò. Náírà ló so mọ́ dọ́là nígbà náà. Pọ́n-ùn àti yúrò ò so mọ́ ọn, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, nítorí náà iye wọn sí náírà gbọ́dọ̀ máa yí bí dọ́là ò tilẹ̀ mira. Bí gbogbo òpó bá wà lójú kan títí dé kọ́bọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, fáìlì náà ti gbó. (Ẹ má ka séfà mọ́ ẹlẹ́rìí o: yúrò kan ti jẹ́ 655.957 séfà láti 1999, ibi tí yúrò bá lọ ni séfà ń tẹ̀ lé e.)

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọwọ́ tó ṣe é. Ẹ fi `curl -sI` bi sẹ́fà léèrè, kí ẹ wo `Last-Modified`. Bí ó bá sọ àná, àfàìmọ̀ kí iṣẹ́ òru wọn má ti dákú, tàbí kí nǹkan kan lójú ọ̀nà máa gbé ti àná fún yín. Bí ó bá sọ òní, tí iye inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́, wọ́n kàn tún un kọ ni, ẹ fóònù wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé tuntun wà níbẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni: fífà wálẹ̀ ló kùnà, tí ètò yín sì mú èyí tó bá nínú fódà. Nítorí èyí, kí ẹ tó fa tuntun, ẹ kó ti àná lọ sí fódà mìíràn. Bí tuntun ò bá dé, fódà á ṣófo, ètò á dúró, oníbàárà á sì jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn.