Náítiráìlì tó ń sá pamọ́ sínú ẹ̀gẹ́ Kétu

Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà infiraréèdì kò ní láti rìn jìnnà sí oko ẹ̀gẹ́. Lórí ilẹ̀ gíga Kétu, bí àwọn ìyá bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n kó o sínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé e, iṣẹ́ kẹ́mísírì ti bẹ̀rẹ̀ nínú àpò yẹn. Lìnámárìnì inú ẹ̀gẹ́, tó jẹ́ náítiráìlì tó so mọ́ ṣúgà, máa ń já. Ṣúgà bọ́ sílẹ̀, ó ku ásítóònù sáyánóháídírìnì, tó jẹ́ álíkọ́ọ̀lù àti náítiráìlì papọ̀. Èyí náà tún pín: ásítóònù, tó jẹ́ kábóníìlì, àti gáàsì sáyánáìdì tó ń pani. Nínú ẹ̀yà mẹ́rin tí a fẹ́ dá mọ̀, ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ti fún wa ní mẹ́ta. Ámíìnì nìkan la máa wá lọ síbòmíràn.

Ṣe: kọ́kọ́ wo ibi mẹ́ta lórí ìlà kí o tó wo ibòmíràn. Ìsopọ̀ àárín átọ́ọ̀mù máa ń gbọ̀n, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé ìtànṣán tó bá ìgbọ̀n rẹ̀ mu mì. Ibi tó ti gbé e mì ni ìlà ti máa ń já bọ́ bíi kòtò. Láti 3200 sókè sí 3600 cm⁻¹ ni ìsopọ̀ O-H àti N-H ń gbé. Ní nǹkan bí 2250 ni C≡N wà. Ní àyíká 1700 ni C=O. Bí o bá ti rí kòtò, bi ara rẹ léèrè ohun mẹ́ta: ibo ló wà, báwo ló ṣe jìn tó, ṣé ó fẹ̀ tàbí ó mú? Ẹni tó bá ka ibi tó wà nìkan á ṣìnà.

Má ṣe: pe gbogbo kòtò fífẹ̀ tó wà lókè 3200 ní álíkọ́ọ̀lù. Omi náà ní O-H. Gàrí tí kò gbẹ dáadáa á gbẹ́ kòtò ńlá síbẹ̀, á sì tún fi kékeré kan sí nǹkan bí 1640, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré pè ní kábóníìlì. Wo sódábì, ọtí ọ̀pẹ tí wọ́n ń sè ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀: omi àti álíkọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kòtò wọn lókè sì gun ara wọn. Ohun tó máa sọ fún ọ pé ọtí wà níbẹ̀ ni ìsopọ̀ C-O, tó ń fi kòtò sí nǹkan bí 1045 àti 1090. Omi kò ní irú ìsopọ̀ yẹn.

Ṣe: ka eyín ámíìnì. Bí náítírójìn bá ní háídrójìn méjì, kòtò rẹ̀ lókè á ní ṣóńṣó méjì bí eyín, wọ́n sì mú ju ti álíkọ́ọ̀lù lọ. Bí ó bá ní ẹyọ kan, eyín kan. Bí kò bá ní rárá, kò sí eyín: tiráímẹ́tíìlì-ámíìnì tó ń rùn lára ẹja tó ti bàjẹ́ kò ní fi nǹkan kan hàn lókè yẹn. Ṣọ́ra fún yùríà, ajílẹ̀ tí à ń rà ní àpò. Ó ní eyín lókè, ṣùgbọ́n ó tún ní C=O ní nǹkan bí 1680. Ámáìdì ni, kì í ṣe ámíìnì.

Má ṣe: gbàgbé pé kábóníìlì ní àdúgbò. Ásítóònù wà ní 1715. Epo pupa tuntun wà ní nǹkan bí 1745, nítorí ẹ́sítà ni. Bí epo náà bá ti pẹ́ tó sì ti ń kan, èjìká kan á yọ lára kòtò yẹn lápá 1710, ìyẹn ásíìdì ọ̀rá tó ti já kúrò. Ásítóònù tún ní ẹ̀tàn kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kòtò kékeré kan ní nǹkan bí 3420. Ẹni tó bá rí i á ní álíkọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́. Ìsọdiméjì ìgbọ̀n C=O ni: sọ 1715 di ìlọ́po méjì, wàá dé 3430. Kòtò kékeré tó tín-ín-rín ni, kò fẹ̀ bíi ti O-H.

Ṣe: wá náítiráìlì láàárín 2210 sí 2260. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé kò sí nítorí pé o kò rí i. Ibí ni ẹ̀gẹ́ ti ń fi ọgbọ́n hàn wá. Lára náítiráìlì lásán, bíi ásítònítiráìlì, kòtò náà mú, ó sì hàn kedere ní 2254. Lára lìnámárìnì àti ásítóònù sáyánóháídírìnì, ó lè di ìlà tín-ín-rín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ìdí rẹ̀ nìyí: ìjìn kòtò dá lórí bí iná mànàmáná inú ìsopọ̀ ṣe ń yí padà tó bí ó ti ń gbọ̀n. Lára àwọn méjèèjì yìí, ọ́síjìn so mọ́ kábọ́ọ̀nù kan náà tí C≡N so mọ́. Ọ́síjìn yẹn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìyípadà náà sì rọlẹ̀. Náítiráìlì wà níbẹ̀, kò kàn pariwo.

Jẹ́ ká to ìlà mẹ́ta sójú kan. Ti lìnámárìnì: kòtò O-H ńlá láti ara ṣúgà, ọ̀pọ̀ kòtò jíjìn láàárín 1000 sí 1100, ojú 2250 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀gẹ́ á ní ṣúgà lásán ni. Ti sáyánóháídírìnì: O-H fífẹ̀, àmì kékeré ní nǹkan bí 2240, kò sì yẹ kí 1715 ní nǹkan kan. Ti ásítóònù: 1715 jíjìn, O-H kò sí. Nítorí náà, bí o bá rí kòtò ní 1715 lórí ìlà ohun tí wọ́n pè ní sáyánóháídírìnì, ó ti ń pín nìyẹn, gáàsì sáyánáìdì sì ti ń jáde láti inú ìgò. Má ṣe sún mọ́ ọn láti gbóòórùn. Gbé ìwé ìlà sílẹ̀, kí o kọ́kọ́ rí i pé ìgò náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde.

Má ṣe: gbà gbogbo ohun tó wà nítòsí 2300 gbọ́. Èémí rẹ ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ó sì ń fi kòtò sí 2349. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ onídáyámọ́ńdì, dáyámọ́ńdì fúnra rẹ̀ ń gbé ìtànṣán mì ní agbègbè yẹn gan-an, ìlà á máa gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Ka òfìfo tuntun kí o tó ka àpẹẹrẹ. Bí àmì náà bá yí ipò padà nígbà tí o kà á lẹ́ẹ̀kejì, ariwo ni.

Má ṣe: fi ìlà yìí sọ pé gàrí kò léwu. Òdiwọ̀n Kódẹ́ẹ̀sì fún gàrí jẹ́ mílígíráàmù 2 sáyánáìdì nínú kílò kan, ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jẹ́ 10. Ìyẹn jẹ́ ìdá méjì nínú mílíọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé infiraréèdì lásán sábà máa ń nílò nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kó tó rí ohun kan dáadáa nínú àdàpọ̀. Náítiráìlì tí kì í pariwo tún wá ni.

Ṣe: lo bébà píkíréètì fún ìyẹn. Wọ́n ń gbé e kọ́ sórí ìyẹ̀fun nínú ìgò tí a dé pa, pẹ̀lú omi àti ẹ́ńsáìmù, di ọjọ́ kejì. Bébà aláwọ̀ ìyeyè yẹn á máa pọ́n lọ sí àwọ̀ ilẹ̀, bí ó bá sì ṣe pọ́n tó ni sáyánáìdì ṣe pọ̀ tó.