Bí onífọ́tò ṣe lè díye lé iṣẹ́ ìkómọjáde

"Èló lẹ máa gbà?" Ìbéèrè tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ bi onífọ́tò nìyẹn. Ẹni tó bá dá owó kan ṣoṣo lé e ti ń wá wàhálà, torí bí wọ́n bá ní kó yọ díẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe ní owó tó kéré. Ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kí ìwé ìdíyelé pín sí: wákàtí, àtúnṣe, fífọ fọ́tò àti owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní onífọ́tò kan láti Ìbàdàn ń lọ ya fọ́tò ìkómọjáde l'Abẹ́òkúta, wákàtí kan sì jẹ́ N15,000. Wọ́n lè fi oyin, iyọ̀ àti orógbó ṣàdúrà fún ọmọ tán láàárín wákàtí kan, àmọ́ jíjẹ, mímu àti ijó lè gùn dọ̀sán. Nítorí náà, kó má kọ "títí òde yóò fi parí." Kó kọ "aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán." Wákàtí márùn-ún nìyẹn, N75,000. Kó fi kún un pé wákàtí tó bá lé, N15,000 ni.

Àtúnṣe lórí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí iṣẹ́. Bí fọ́tò kan bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, 60 fọ́tò yóò gba wákàtí márùn-ún gbáko, bí iye tó lò lóde gan-an. Ní N500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di N30,000. Kó kọ iye fọ́tò tí yóò tún ṣe, kí oníbàárà má baà rò pé gbogbo èyí tó yà ni.

Fífọ 40 fọ́tò sórí pépà ní N500 jẹ́ N20,000. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ N20,000. Bó bá gbọ́dọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú kó tó lè tètè débẹ̀, owó ilé ìtura wà lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N145,000.

Bí oníbàárà bá wá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, N120,000 ló wà lọ́wọ́ mi," iṣẹ́ ni kí wọ́n jọ dín kù. Bí wọ́n bá yọ wákàtí kan àti 20 fọ́tò nínú èyí tí wọ́n fẹ́ fọ̀, N25,000 ti kúrò. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń sọmọ lórúkọ, ọjọ́ náà kò ṣeé sún síwájú. Kí ìwé náà sọ pé ìdajì owó gbọ́dọ̀ wọlé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìbí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ onífọ́tò lè gba iṣẹ́ mìíràn. Kí ìyókù sì wọlé kó tó kó fọ́tò sílẹ̀.