‘Lọ́wọ́ Ẹ’ tàbí ‘Lọ́wọ́ Yín’: Ímeèlì sí Ọ̀gá àti Ímeèlì sí Ẹlẹgbẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ, ìyẹn ‘ẹ’. Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ da iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi rú ní sáà tó kọjá.

Iṣẹ́ mi dá lórí èdè tí wọ́n fi kọ àwọn pátákó tó wà ní àyíká Màrínà ní Àgbádárìgì, níbi tí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845 ṣì dúró sí létí ọ̀sà. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti lo Yorùbá, ibi tí wọ́n ti lo èdè Ògù, àti ibi tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí n tó lè ya fọ́tò nínú ọgbà kan níbẹ̀, mo ní láti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà kan. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní, níwọ̀n bí iṣẹ́ náà ti jẹ́ ti Yorùbá, kí n fi Yorùbá kọ ímeèlì náà.

Mo ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ mi kan tí mo fẹ́ kó tẹ̀lé mi lọ. Ohun tí mo kọ nìyí:

> Báwo ni? Jọ̀ọ́, tẹ̀lé mi lọ sí Màrínà ní Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ ya fọ́tò àwọn pátákó yẹn. Gbé fóònù rẹ dání, torí tìrẹ máa ń ya fọ́tò ju tèmi lọ. Tí ọjọ́ náà ò bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, sọ fún mi kó tó di ọ̀la.

Kò sí àléébù nínú èyí. Ẹgbẹ́ ni wá, ọdún kan náà la sì wọlé. Àṣìṣe mi ni pé ìwé yìí ni mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí mo tún díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá:

> Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ni mí. Mo fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ láti ya fọ́tò àwọn pátákó tó wà nínú ọgbà. Mo máa wá ní Ọjọ́bọ̀. Tí ọjọ́ náà ò bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, ẹ sọ fún mi kó tó di ọ̀la. Mo ń retí ìdáhùn rẹ.

Ìdáhùn tó padà wá kò ju gbólóhùn kan lọ: ‘Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?’ Ó yà mí lẹ́nu, torí mo rò pé ‘ẹ’ pọ̀ nínú ìwé náà. Nígbà tí mo kà á sókè fún màmá mi, ibi ‘lọ́wọ́ ẹ’ ni wọ́n ti dá mi dúró. Wọ́n ní, ‘O kí wọn bí àgbà, o wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn bí ọmọdé.’

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí màmá mi rí. ‘Ẹ’ méjì ló wà nínú Yorùbá, àwọn méjèèjì sì ń tọ́ka sí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ olùwà, ó sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: ‘ẹ wá’, ‘ẹ sọ’. Òun ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún àgbà kan ṣoṣo. Ti èkejì máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi ‘fún’ àti ‘lọ́wọ́’. Èyí kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú, nítorí ‘ọ’ tàbí ‘rẹ’ ni òun náà ní ẹnu ọ̀pọ̀ wa: ẹni tó sọ pé ‘mo rí ẹ’ ti sọ pé ‘mo rí ọ’, ẹni tó sì sọ pé ‘lọ́wọ́ ẹ’ ti sọ pé ‘lọ́wọ́ rẹ’. Bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn ní ipò àbọ̀, ‘yín’ ni a máa lò: ‘mo rí yín’. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun ìní: ‘ìdáhùn yín’, kì í ṣe ‘ìdáhùn rẹ’.

Ẹ padà wo ìwé mi. ‘Ẹ káàárọ̀’ àti ‘ẹ sọ’ dára, torí olùwà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ‘lọ́wọ́ ẹ’, ‘rọ̀ ẹ́ lọ́rùn’ àti ‘ìdáhùn rẹ’ fi ọ̀gá náà ṣe ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dìde láàárín ìwé kan náà. Irú àdàlù báyìí ń dun àgbà ju kí ènìyàn lo ‘o’ láti òkè délẹ̀ lọ. Ẹni tó lo ‘o’ jálẹ̀, wọ́n lè ní kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹni tó dà á pọ̀ ti fi hàn pé òun mọ ohun tó yẹ, àmọ́ òun kò kọbi ara sí i.

Ní 1960, Roger Brown àti Albert Gilman kọ̀wé lórí bí àwọn èdè Yúróòpù kan ṣe ń ya ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹni tó jù wá lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí à ń lò fún ẹni tó sún mọ́ wa. Faransé, tí àwọn aládùúgbò wa ń lò ní òdìkejì ibodè Sẹ̀mẹ̀, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti Faransé kì í yí ìrísí rẹ̀ padà, yálà ó jẹ́ olùwà tàbí àbọ̀. Ti Yorùbá ń yí padà, ìrísí tó sì jẹ́ ti ọ̀wọ̀ níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe jọ èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti ń tàn wá, pàápàá nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ronú, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọba àti fún ọmọ ọwọ́.

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà yẹ ìwé mi wò kò le. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ni Yorùbá fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, mo máa ń ṣe bí ẹni pé ènìyàn méjì ni mò ń kọ̀wé sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá bá ènìyàn méjì mu, kò bá àgbà kan mu. Kò sí ẹni tó máa sọ fún ènìyàn méjì pé ‘mo ń retí ìdáhùn rẹ’. Ọ̀nà yìí máa ń mú ‘tìrẹ’, ‘fúnra rẹ’ àti ‘jọ̀wọ́’ tí kò ní ‘ẹ’ níwájú jáde pẹ̀lú.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Kò lè mú àṣìṣe mi kejì jáde, ìyẹn ‘Mo máa wá ní Ọjọ́bọ̀’ àti ‘kó tó di ọ̀la’. Bí mo bá tilẹ̀ lo ‘yín’ níbi gbogbo, mo ṣì ti yan ọjọ́ fún ẹni tí mò ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fún un ní gbèdéke. Láàárín ẹgbẹ́, ohun tí a fẹ́ ló máa ń ṣáájú, àlàyé á tẹ̀lé e bí ó bá pọn dandan. Sí ọ̀gá, ẹni tí a jẹ́ àti ìdí ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ á tẹ̀lé e, a ó sì fi àyè sílẹ̀ kó lè yí ọjọ́ padà tàbí kó kọ̀. Èyí tí mo tún kọ nìyí, lẹ́yìn tí mo ti kọ́kọ́ tọrọ àforíjì:

> Subject: Ìtọrọ ààyè láti ya fọ́tò àwọn pátákó
>
> Ọ̀gá mi,
>
> Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí èdè tí wọ́n fi kọ àwọn pátákó ní Màrínà. Mo ń fi ìwé yìí tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín láti ya fọ́tò àwọn tó wà nínú ọgbà yín. Kò ní gbà ju wákàtí méjì lọ, mi ò sì ní ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni màá tẹ̀lé. Mo so lẹ́tà olùkọ́ mi mọ́ ọn. Wọ́n ní bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ lè pe àwọn.
>
> Ẹ ṣeun, sà.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn tó kẹ́yìn nípa olùkọ́ mi. ‘Wọ́n ní … ẹ lè pe àwọn’ ni mo kọ, kì í ṣe ‘Ó ní … ẹ lè pe òun’. Àgbà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àgbà mìíràn ṣì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ẹ tún wò ó pé mo yọ ‘Ẹ káàárọ̀’ kúrò. Ó lè jẹ́ alẹ́ ni ọ̀gá máa ka ímeèlì náà, àti pé nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, ìpè bíi ‘Ọ̀gá mi’ tó láti ṣí ọ̀rọ̀. ‘Sà’ ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó. Bí a bá fi í sí ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó máa ń dà bí ẹni tó ń bẹ̀rù.

Lẹ́yìn ìtìjú yìí, mo bọ́ sí òdìkejì. Mo kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ mi pé ‘Ẹ jọ̀wọ́, mo ń retí yín ní Ọjọ́bọ̀.’ Kíá ló fèsì: ‘Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?’ Ó tọ̀nà. Láàárín àwa tí a ti jọ ń fi ‘o’ bá ara wa sọ̀rọ̀, bí ‘ẹ’ bá ṣàdédé wọlé, ìjà ni ẹnìkejì máa rò, tàbí ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ímeèlì kan náà bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta, tàbí tí orúkọ ọ̀gá wà ní Cc, ‘ẹ’ àti ‘yín’ ló yẹ.

Ibi tó le díẹ̀ ni ti ẹlẹgbẹ́ tó dàgbà jù wá lọ. Nínú kíláàsì wa, àwọn kan wà tí wọ́n ti bímọ kí wọ́n tó wọlé. Sí wọn, ‘ẹ’ àti ‘yín’ ni mo ń lò nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n mo ń to ọ̀rọ̀ bíi ti ẹgbẹ́: mi ò ní kọ ‘Ọ̀gá mi’, mi ò sì ní ṣàlàyé ẹni tí mo jẹ́. Bí ọ̀gá iiléeṣẹ́ bá sì kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ipò ni à ń kọ̀wé sí, ‘yín’ náà ló tọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá náà fèsì pé kí n máa bọ̀, àmọ́ kó jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ mi lójú ẹsẹ̀: ‘Wọ́n ti gbà. Ọjọ́ Ẹtì ni o. Ṣé ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?’