Nígbà tí ìtàn bá dẹ̀ láàárín

Àbúrò mi, mo mọ ibi tí o wà. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, o sì ti mọ bí ìtàn náà yóò ṣe parí láti ọjọ́ tí o ti mú bírò. Ṣùgbọ́n láti orí karùn-ún, àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ kàn ń jẹun, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń wọkọ̀ káàkiri, kò sì sí ohun gidi kan tó ń ṣẹlẹ̀. Bí o ṣe ń kọ ọ́ ni ó ń sú ọ. Má tíì ya ohunkóhun sọ nù. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe fún ọ.

Pa ìwé ìtàn náà dé. Mú abala ìwé mìíràn, kí o kọ ìran kọ̀ọ̀kan tí o ti kọ sílẹ̀ ní ìlà kan péré: ta ló ń wá kí ni, kí ló dí i lọ́wọ́, kí ló sì yí padà nígbà tí ìran náà parí. Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Má fi ojú àánú dáhùn rẹ̀.

Ká ní ìtàn rẹ lọ báyìí. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ kú. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, Délé, àbúrò ọkọ, ti kó ìwé ilé lọ. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní òun yóò gbà á padà, kí àwọn ọmọ òun má baà di ẹni tí kò nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní orí karùn-ún, ó gba Èkó lọ, ó dé sọ́dọ̀ Bísí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní orí kẹfà, wọ́n lọ sóde ìgbéyàwó. Ní orí keje, ó pàdé Káyọ̀dé, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ kan. Ní orí kẹjọ, pásítọ̀ rí ìran sí i. Tí o bá kọ àwọn wọ̀nyí sí ìlà, wàá rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ṣófo nígbà mẹ́rin léra wọn. Àtìgbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo ni ohunkóhun kò ti yí padà. Orí kẹjọ ni ó ti sú ọ, ṣùgbọ́n ìparí orí kẹrin ni wàhálà ti wọlé. Ibẹ̀ ni kí o padà sí.

Gbìyànjú láti so àwọn ìlà náà pọ̀. Bí ó bá jẹ́ "nígbà tó yá" nìkan ló lè wà láàárín ìran kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ kò bí èkejì. Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sí Èkó. Nígbà tó yá, ó lọ sóde. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: Mọ́rẹ́nikẹ́ gbọ́ pé ará Èkó kan fẹ́ ra ilé náà, nítorí náà ó wọkọ̀ lọ wá a kó lè kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti san àsansílẹ̀. Ìrìn àjò kan náà ni. Ó ti wá nídìí báyìí, ó sì ti bí wàhálà mìíràn.

Àmọ́ níbo ni ará Èkó yẹn ti máa jáde wá? Ọ̀dọ̀ Délé ni. Wo ìlà rẹ dáadáa: láti orí kẹrin, ojú kò kan Délé mọ́. Bí ẹni tí ń dènà bá ti jókòó tẹtẹrẹ, ẹni tí a ń dènà rẹ̀ náà kò ní ohun tí yóò ṣe, ni yóò bá máa rìn gbéregbère. Tún ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969. Lápàdé ń wá ọ̀daràn kiri, àwọn ọ̀daràn náà sì ń gbèrò tiwọn, wọn kò dúró dè é. Nítorí náà, fi ẹnu Délé kọ ojú ìwé kan tí kò ní wọ inú ìtàn náà rárá. Jẹ́ kí ó sọ ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń lé e kiri, ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Bí mo ṣe ń kọ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ẹni tí mo ti pè ní ìkà. Délé lè sọ fún ọ pé òun jẹ gbèsè, àti pé ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀ wá san ìyókù owó lọ́jọ́ Sátidé. O ti rí ọjọ́ kan tí Mọ́rẹ́nikẹ́ gbọ́dọ̀ sá àsápajúdé bá báyìí.

Ó ku àwọn tó ń ràkòrò kiri. Bísí kò níṣẹ́ kankan ju kó máa fetí sí ẹkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Fún un níṣẹ́: akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì lọ́yà tó ń ṣe ìwé ilé tí wọ́n fẹ́ tà yìí. Bí ó bá fi ìwé náà han Mọ́rẹ́nikẹ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Káyọ̀dé ńkọ́? Òun gan-an ni kí ó fẹ́ ra ilé. Ìgbéyàwó orí kẹfà kò wá ní ṣòfò, torí ibẹ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ yóò ti wá pàdé rẹ̀ báyìí, tí ọkàn rẹ̀ yóò fà sí i kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Tí o kò bá rí iṣẹ́ fún ẹ̀dá ìtàn kan, tí o kò sì lè pa á pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, ìgbà yẹn ni kí o yọ ọ́.

Pásítọ̀ ni mo ní kí o yọ tààrà. Ìran tó rí fún Mọ́rẹ́nikẹ́ ní ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, òǹkàwé yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Àlá, ìran àti àkọsẹ̀bá lè kó ẹ̀dá ìtàn sí wàhálà. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá ti tò, àárín ìtàn ṣì nílò ìdí kan tí Mọ́rẹ́nikẹ́ yóò fi tún gbogbo èrò rẹ̀ pa. Má lọ wá a lókèèrè, inú orí àkọ́kọ́ rẹ ni kí o wá a. O kọ ọ́ níbẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ kó aṣọ tuntun kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, o kò sì sọ ibi tí owó ti wá. Inú ìwé tí Bísí fi hàn án ni ó ti rí i: ọkọ ti fi ilé náà yá owó, Délé ló sì ṣe oníduró. Aṣọ tí òun ń tà ni gbèsè ọ̀hún. Ẹni tí ó ti ń bú láti orí kejì ni ẹni tí àwọn olówó ń lé kiri nítorí tirẹ̀. Bí yóò ṣe gba ìwé padà kọ́ ni ọ̀rọ̀ mọ́; ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó fẹ́ san, àti ẹni tí ó fẹ́ san án fún.

Bí o bá ṣe gbogbo èyí tí ìtàn kò sì gbéra, bi ara rẹ pé: bí Mọ́rẹ́nikẹ́ kò bá rí ilé náà gbà, kí ló máa pàdánù? Bí ó bá ní ilé mìíràn tó lè kó àwọn ọmọ lọ, kò sí ohun tí àárín ìtàn lè ṣe sí i. Orí àkọ́kọ́ ni kí o tún kọ.

Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá wà, má padà lọ tún orí mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ nísinsìnyí. Kọ ọ́ sí etí ìwé pé "Délé ṣe oníduró", kí o sì máa bá ìtàn lọ láti orí karùn-ún bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí o bá kọ ọ́ parí ni kí o tó padà wá gbin ín síbi tó yẹ.