Síláìdì Ọkàn Ènìyàn: Títún Un Ṣe fún Ọmọ tí Ojú Rẹ̀ Kò Ríran Dáadáa

Kíláàsì: Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, ọdún kejì
Àkókò: Wákàtí méjì
Ohun èlò: Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pépà A4 tí kò dán, síláìdì bayọ́lọ́jì kan lórí ọkàn ènìyàn

Ta ni a ń ṣe é fún?

Kò sí ìwé onílẹ́tà ńlá tó bá gbogbo ojú mu, nítorí náà ọmọ kan pàtó ni kí ẹ ní lọ́kàn. Ọmọ tiwa lónìí jẹ́ àfín, SS2 ló wà. Bó tilẹ̀ jókòó síwájú, ohun tó wà lójú pátákó kì í hàn sí i. Ìmọ́lẹ̀ a máa gún un lójú, ẹyinjú rẹ̀ a sì máa mì fúnra rẹ̀ bó ṣe ń kàwé. Tó bá jẹ́ ọmọ tí gúlákómà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ ni, tó jẹ́ pé àárín nìkan ló ń rí, ọ̀nà á yàtọ̀: lẹ́tà ràgàjì lè ṣe é ní ìjàǹbá, torí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì péré ni yóò máa wọ ibi tó ń rí lẹ́ẹ̀kan.

Yíyọ ọ̀rọ̀ kúrò lójú síláìdì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á kàn gbé síláìdì tí wọ́n tẹ̀ sórí A4 lọ bá oní-fọ́tòkọ́pì pé kó fẹ̀ ẹ́ sí A3. Lẹ́tà 12 á di 17 péré, pépà á fẹ̀ ju àga ìkọ̀wé ọmọ náà lọ, àwọ̀ tí kò hàn tẹ́lẹ̀ kò sì ní hàn síbẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀ ni.

Ní PowerPoint, ẹ lọ sí `View > Outline View`, ẹ kó ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Word. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú àpótí ọ̀rọ̀ tí a fọwọ́ ara wa fà kì í hàn ní `Outline View`. Orúkọ ẹ̀yà ọkàn tí wọ́n kọ sára àwòrán sì sábà máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí síláìdì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ojú bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà síláìdì sókè abala kọ̀ọ̀kan. Síláìdì kan lè di ojú ewé mẹ́ta. Bí olùkọ́ bá ní, “Ẹ wo síláìdì kẹrin,” ọmọ yìí náà gbọ́dọ̀ rí i kíá.

Báwo ni lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó?

Ẹni tí yóò kà á ni kí ẹ bi, kì í ṣe ìwé òfin. Ẹ tẹ ìpínrọ̀ kúkúrú, tí ọmọ náà kò tíì rí rí, ní ìwọ̀n 18, 20, 24, 28 àti 32. Kí ó kà wọ́n sókè, kí ó di pépà mú bó ṣe máa ń dì í mú. Láti orí èyí tó tóbi jù ni kí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀. Yóò máa ka wọ́n geere títí yóò fi dé ọ̀kan tí yóò ti máa fà á, tàbí tí yóò ti máa gbé pépà súnmọ́ imú. Èyí tó wà lókè ìyẹn gan-an ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ká ní 24 ni. Ẹ má sọ ọ́ di 36 kí ẹ lè ṣàánú rẹ̀: lórí A4, 24 ń gba nǹkan bí 40 lẹ́tà lórí ìlà kan, 36 kò ju 25 lọ. Ojú tó ń mì á ṣì máa wá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kiri ni.

Ẹ lo lẹ́tà tí kò ní ìrù, bí `Arial` tàbí `Verdana`. Kí etí òsì gún, kí etí ọ̀tún wà bó bá ṣe bọ́ sí. Ẹ fi lẹ́tà dúdú kirikiri tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má lo lẹ́tà tó dẹ̀gbẹ́. Ojú kan pépà ni kí ẹ tẹ̀, kí ohun tó wà lẹ́yìn má baà hàn sí iwájú.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ Yorùbá ni, ìṣòro mìíràn wà. Bí a bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ìlà náà á gbé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mì. Bí ìlà bá sì fún mọ́ra, àmì ohùn á wọ inú ìlà òkè. Àyè ìlà 1.5 ni mo máa ń lò. Lẹ́tà `Andika` sì máa ń gbé àmì òkè àti tìsàlẹ̀ síbi tó yẹ.

Àwọ̀

Síláìdì tiwa ní ẹ̀yìn búlúù tí wọ́n fi pupa kọ̀wé lé. Pupa yòò lórí búlúù yòò kò ju nǹkan bíi 2 sí 1 lọ ní ìdíwọ̀n ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ìlànà WCAG ní kí ó tó 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré, 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ láìṣírò, ẹ fi ẹ̀rọ tí kì í tẹ àwọ̀ tẹ síláìdì náà: àwọ̀ méjèèjì á di eérú tó ṣókùnkùn, tí ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀.

Dúdú ni a ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n funfun tó ń tàn yòò lè gún ojú àfín, ẹ fi pépà yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ lọ̀ ọ́, kí ó yan èyí tó tù ú lára.

Àwòrán ọkàn

Iṣẹ́ gan-an rèé. Ọmọ yìí kì í ṣe afọ́jú, nítorí náà ẹ má yọ àwòrán náà kúrò. Ẹ tún un yà pẹ̀lú ìlà tó nípọn tó mìlímítà kan, kí ó gba ojú ewé kan. Ẹ pín in sí méjì: ọ̀kan fún iyàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èkejì fún òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sí ara ẹ̀yà gan-an. Nọ́ńbà tí àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rọrùn fún ẹni tó yà á, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀.

Lókè àwòrán ni àpèjúwe ń wà, kí ó ti mọ ohun tó ń wá kí ó tó wò ó. Ẹ má kọ “àwòrán ọkàn aláwọ̀ pupa àti búlúù.” Kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Mo kọ ọ́ báyìí:

> Ọkàn tí a là láti iwájú. Bíi pé ẹni náà kọjú sí ọ ni, nítorí náà apá òsì ọkàn ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Iyàrá mẹ́rin ló ní: méjì kékeré lókè, méjì ńlá nísàlẹ̀. Ògiri kan pín òsì níyà sí ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ láti ara wọ iyàrá òkè apá ọ̀tún, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó gba ọ́síjìn níbẹ̀, ó padà wọ iyàrá òkè apá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba aọ́tà lọ sí gbogbo ara. Ògiri iyàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ló nípọn jù.

Ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yẹn ló máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú jù, àní àwọn tí ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere pàápàá. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni àpèjúwe náà tẹ̀ lé, kò kàn ka ẹ̀yà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pupa àti búlúù ti di “tó ní ọ́síjìn” àti “tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní in”. Lórí àwòrán, ọfà tí ìlà rẹ̀ kò gé àti ọfà onílà gígé ló dúró fún wọn. Àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ní igun síláìdì, ẹ yọ ọ́. Kò sí ìdí tí a ó fi ṣàpèjúwe rẹ̀.

Nínú ìdánwò, àpèjúwe kò gbọdọ̀ tú ìdáhùn. Bí ìbéèrè bá ni “iyàrá wo ni ògiri rẹ̀ nípọn jù?”, ẹ yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ mú síláìdì kan láti inú iṣẹ́ tiyín tí àwòrán tàbí gíráàfù wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìwé ìwọ̀n 24. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnìkejì ní àpèjúwe nìkan, kí ó fi ya àwòrán láìrí èyí tí ẹ yà. Ẹ kó síláìdì, ìwé tuntun àti àwòrán tí ẹnìkejì yà wá pọ̀. Àpèjúwe ni mo máa fi máàkì gbé jù.